Ewúrẹ́ kan, màlúù kan, àti ibi ọmọ tí kò tètè bọ́

Ní oko kan lójú ọ̀nà Ìsẹ́yìn sí Ṣakí ni ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀, nínú agboolé ìyá àgbà kan tó ti ń sin ẹran fún ohun tó lé ní 20 ọdún. Ẹran méjì ni ọ̀rọ̀ kàn, ewúrẹ́ kan àti abo màlúù kan, oṣù mẹ́rin ló sì wà láàárín wọn. Èmi ni dókítà ẹran tí wọ́n pè nígbà méjèèjì. Nígbà àkọ́kọ́, ẹ̀pa kò bóró mọ́ kí n tó débẹ̀. Nígbà kejì, wọ́n pè mí kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ẹran náà. Ohun tí mo rí nígbà méjèèjì ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀, nítorí pé agboolé tí mo ti dé tí wọn kì í fi ipá fa ibi ọmọ ẹran kò pọ̀ rárá.

Ewúrẹ́ ilẹ̀ wa kúkúrú ni ewúrẹ́ náà, kò ju kílò 22 lọ. Ó ti bímọ lẹ́ẹ̀mejì rí láìsí wàhálà. Lọ́tẹ̀ yìí, ọmọ mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀. Aago méjì òru ló bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí. Méjì jáde wọ́ọ́rọ́wọ́, ìdí ni ẹ̀kẹta fi ṣáájú, ó sì há. Nígbà tí wọ́n fi máa gbà á jáde ní aago mẹ́rin ìdájí, ó ti kú. Ilẹ̀ mọ́, ibi ọmọ ṣì ń fì lẹ́yìn ewúrẹ́ náà, ó sọ̀ kalẹ̀ dé orúnkún ẹsẹ̀ ẹ̀yìn.

Àna ìyá yìí kan wá kí wọn láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó wò ó, ó ní, "Ẹ má jẹ́ kó pẹ́ níbẹ̀ o, Màmá. Tó bá pẹ́, á tún gòkè padà sínú." Nígbà tó di ọ̀sán, ó fi àkísà wé ọwọ́, ó di ibi náà mú, ó sì fà á. Màmá sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ewúrẹ́ náà ké, pé ó fẹ̀yìn rìn, ó sì wó lulẹ̀, kí nǹkan náà tó já bọ́. Ẹ̀jẹ̀ tẹ̀ lé e, ó tó ife kan. Gbogbo wọn dúpẹ́ pé ó ti bọ́. Wọ́n sọ ọ́ sórí ààtàn.

Ẹ jẹ́ ká ka wákàtí tó wà níbẹ̀. Láti aago mẹ́rin ìdájí sí ọ̀sán gangan, wákàtí mẹ́jọ ni. Lára ewúrẹ́, ibi ọmọ sábà máa ń bọ́ láàárín wákàtí kan sí mẹ́rin lẹ́yìn ọmọ tó jáde gbẹ̀yìn, ṣùgbọ́n títí dé wákàtí 12, a kò tíì pè é ní ibi tó há. Ti màlúù a máa pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ: ọ̀pọ̀ a máa bọ́ láàárín wákàtí mẹ́jọ, ìgbà tó bá kọjá wákàtí 12 la tó ń fura, tó bá sì di 24, kò sí àní-àní mọ́ pé ó há. Nítorí náà, ohun tí àna Màmá fà ní ọ̀sán ọjọ́ náà kò tíì di àìsàn. Wákàtí mẹ́rin ṣì kù tí ó lè fi bọ́ fúnra rẹ̀.

Aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ kejì ni mo dé. Ewúrẹ́ náà dúró ní kọ̀rọ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀ bí ọrun, ó ń wa eyín pọ̀, èyí tí ewúrẹ́ máa ń ṣe nígbà tí nǹkan bá ń dùn ún gan-an. Àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì ń ké, wọ́n ń ti orí bọ abẹ́ rẹ̀, kò sì dúró fún wọn. Omi tó ń kán lábẹ́ rẹ̀ pọ́n rúsúrúsú, ó sì ń rùn. Tẹmomítà fi hàn pé ara rẹ̀ gbóná dé 40.9. Ìwọ̀n tí a retí lára ewúrẹ́ ni 38.5 sí 39.5. Òòrùn ọ̀sán lè gbé e súnmọ́ 40, ṣùgbọ́n òòrùn kò tíì mú lásìkò yẹn.

Mo béèrè pé níbo ni ibi ọmọ náà wà. Ọmọ-ọmọ Màmá lọ wá a lórí ààtàn. Ajá ti jẹ díẹ̀ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ kù. Mo wọ ìbọ̀wọ́, mo fi omi ṣàn án, mo tẹ́ ẹ sórí àpò sìmẹ́ńtì, mo sì ní kí Màmá wá wò ó.

Ibi ọmọ ewúrẹ́ tàbí ti màlúù kò rí bíi ti ènìyàn. Ti ènìyàn jẹ́ odindi kan, bí àkàrà pẹlẹbẹ. Ti àwọn ẹran wọ̀nyí jẹ́ awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí kókó pupa tó káàkiri lára, bíi bọ́tìnì lára ẹ̀wù. Lára ògiri ilé ọmọ, kókó mìíràn wà tí ó jẹ́ ti ìyá, tí kókó ti ọmọ á lẹ̀ mọ́ ní méjì-méjì. Lára màlúù, wọ́n lè tó 75 sí 120, kókó ti ìyá sì yọ jáde bí olú. Lára ewúrẹ́, kókó ti ìyá jin sínú bí ife kékeré, ti ọmọ á sì wọ inú rẹ̀. Níbi tí méjèèjì ti pàdé, kókó ti ọmọ ní irun ẹran wẹ́wẹ́ tí ó wọ inú ihò wẹ́wẹ́ lára kókó ti ìyá, bí gbòǹgbò koríko ṣe ń wọ ilẹ̀. Ibẹ̀ ni oúnjẹ àti afẹ́fẹ́ ti ń gba ara ìyá dé ara ọmọ.

Nígbà tí ibi ọmọ bá bọ́ fúnra rẹ̀, ojú kókó rẹ̀ á pọ́n, á sì rí fínnífínní bí aṣọ àrán. Èyí tí mo tẹ́ sílẹ̀ fún Màmá kò rí bẹ́ẹ̀. Lára kókó mẹ́fà nínú rẹ̀, ẹran mìíràn ṣì wà tí ó bo kókó náà bí ìdérí, ó nípọn, etí rẹ̀ ya jágajàga. Mo fi ọwọ́ yọ ọ̀kan, mo sì gbé e sínú àtẹ́lẹwọ́ mi. Ó rí bí ife.

Mo ní, "Màmá, èyí kì í ṣe ibi ọmọ. Ara ewúrẹ́ yín ni."

Màmá kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Mo tún fi hàn wọ́n pé ẹ̀gbẹ́ kan ibi náà kò parí síbi tó yẹ, ó já ni. Ilé ọmọ ewúrẹ́ ní ẹ̀ka méjì bí ìwo. Orí ibi tó yẹ kó ti inú ìwo òsì jáde kò sí níbẹ̀, kò sì sí àpá eyín ajá ní ibi tó ti já. Ó ṣì wà nínú ẹran náà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń rú ènìyàn lójú nìyí, mo sì fẹ́ kí ó yé ẹni tó ń kà á. Ohun tí gbogbo wa ń rò ni pé ibi tó há, agbára tí yóò tì í jáde ni kò tó, nítorí náà, kí á bá ẹran náà fi agbára kún un. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ilé ọmọ màlúù tí ibi rẹ̀ há ń sún kì dáadáa, nígbà mìíràn ó tilẹ̀ ń sún ju ti èyí tí ibi rẹ̀ ti bọ́ lọ. Ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀ ni kí àtè tó so kókó méjèèjì pọ̀ yọ́. Kí ìbímọ tó dé, ó yẹ kí sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ ìyá, àwọn kan náà tí ń bá àrùn jà, mọ̀ pé kókó ọmọ ti di àlejò tí àkókò rẹ̀ pé, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ àtè náà. Bí ọmọ bá wá ṣáájú ọjọ́ rẹ̀, bí oyún bá ṣẹ́, bí ó bá jẹ́ ìbejì, bí ìrọbí bá nira, tàbí bí oúnjẹ ìyá bá ṣaláìní sẹlẹ́níọ̀mù àti fítámì E tó, iṣẹ́ yẹn kì í parí. Ẹni tó bá wá fa irú ibi bẹ́ẹ̀ dà bí ẹni tó ń fa koríko tu nínú ilẹ̀ tó gbẹ: èyí tó wà lókè á já, gbòǹgbò á kù sínú, tàbí kí gbòǹgbò gbé ilẹ̀ dání. Lára ewúrẹ́ Màmá, méjèèjì ló ṣẹlẹ̀.

Gbogbo ojú ibi tí ife ẹran yẹn ti ya kúrò di ojú egbò nínú ilé ọmọ. Ẹ̀jẹ̀ ń jò níbẹ̀, kòkòrò àìfojúrí tí ọwọ́ àti àkísà ti tì wọlé sì ń gba ojú egbò wọnú ẹ̀jẹ̀. Ìdọ̀tí inú ilé ọmọ tí ògiri rẹ̀ pé máa ń wà nínú rẹ̀ ni, ara á sì fọ̀ ọ́ jáde. Ògiri tó ti ya kò lè dá a dúró.

Mo fún un ní abẹ́rẹ́ ọksitẹtirasaikilíìnì alọ́jọ́-pípẹ́ tí ń pa kòkòrò àìfojúrí, mililítà kan fún kílò 10, ìyẹn mililítà méjì àti díẹ̀ fún un. Mo fún un ní èyí tí ń dẹ ìrora àti ibà, àti abẹ́rẹ́ tí ń dènà àrùn ipá, nítorí pé egbò inú tí atẹ́gùn kò dé ni kòkòrò ipá fẹ́ràn jù, ewúrẹ́ kì í sì í bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bọ̀rọ̀. Mo fún un ní ọksitósìnì tí ń mú ilé ọmọ sún kì bákan náà, ṣùgbọ́n mi ò gbọ́kàn lé e. Kété lẹ́yìn ìbímọ ni ilé ọmọ máa ń gbọ́ràn sí i lẹ́nu jù, bí ọjọ́ ṣe ń kọjá ni ó ń di etí ikún sí i. A pín àwọn ọmọ rẹ̀ fún ewúrẹ́ mìíràn tó ń tọ́mọ.

Ní ọjọ́ kẹta, tẹmomítà ka 37.2. Inú ọmọ-ọmọ Màmá dùn pé ibà ti lọ. Inú tèmi bàjẹ́. Ara tó gbóná tẹ́lẹ̀ tí ó wá tutù rẹ́kẹ́ báyìí láìjẹun, láìdìde, ara tó ti túúbá ni. Alẹ́ ọjọ́ náà ló kú.

Màmá gbà kí n ṣí i. Nínú ìwo òsì ilé ọmọ, mo rí èyí tó kù: ẹyọ ibi kan tó gùn tó ọwọ́ mi, ó ti rà, ó dúdú. Orí ìwo náà fúnra rẹ̀ ti kì wọnú ara rẹ̀, bí orí ìbọ̀sẹ̀ tí a fà láti inú. Ọwọ́ tó fa ibi ló fa ògiri ilé ọmọ tẹ̀ lé e. Ojú egbò mẹ́fà wà ní ìwo kejì, gẹ́gẹ́ bí iye ife tí mo kà lórí àpò sìmẹ́ńtì. Omi tó ń rùn ti kún ikùn rẹ̀.

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà ni Màmá pè mí ní nǹkan bí aago kan ọ̀sán. Màlúù funfun kan wà tí darandaran Fúlàní kan ń bá wọn sìn. Ó ti bímọ ní aago méje alẹ́ àná, ìbejì, ó sì ṣáájú ọjọ́ rẹ̀ ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọ̀kan yè. Ibi ọmọ ṣì ń fì, ó ti tó wákàtí 18. Darandaran náà ti mú òkúta àti okùn wá, ó fẹ́ so ó mọ́ ibi náà kí òkúta máa fà á díẹ̀díẹ̀.

Màmá ní, "Dókítà, mo ti dì í mú. Mo ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ máa bọ̀."

Mo gbà pẹ̀lú darandaran náà pé òkúta kò le tó ọwọ́ tó ń fà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan náà ni méjèèjì ń ṣe, òkúta kì í sinmi, màlúù a sì máa tì lórí rẹ̀ títí ilé ọmọ fi lè yí inú síta. Mo ti rí èyí náà rí.

Ohun tí mo ṣe lọ́jọ́ àkọ́kọ́ kò pọ̀, ó sì ya àwọn tó dúró lẹ́nu. Mo fi omi àti ọṣẹ fọ ìdí màlúù náà. Mo ki ọwọ́ tó wà nínú ìbọ̀wọ́ gígùn wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kìkì láti mọ̀ pé kò sí ọmọ kẹta, mi ò fọwọ́ kan kókó kankan. Mo fi sísọ́ọ̀sì gé ibi tó ń wọ́ nílẹ̀, mo fi èyí tó tó dé orúnkún ẹ̀yìn sílẹ̀, kí ó má baà máa gbé ìdọ̀tí, kí ó má sì kúrú débi tí yóò fi fà padà sínú. Mi ò ti oògùn oníhóró bọ ilé ọmọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ojú kókó ìyá ní láti rà kí ibi tó lè tú, oògùn tó bá pa kòkòrò tí ń bá a rà lè jẹ́ kó pẹ́ sí i níbẹ̀.

Wọ́n kọ́ èmi náà nílé ẹ̀kọ́ bí a ṣe ń ki apá wọ inú màlúù láti tú kókó lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀nà àwọn dókítà ẹran fún ìgbà pípẹ́ nìyẹn. Ohun tó mú wa fi í sílẹ̀ ni pé nígbà tí wọ́n fi màlúù tí a tú ibi rẹ̀ wé èyí tí a fi sílẹ̀, àwọn tí a tú ló ń ṣàìsàn ilé ọmọ jù, àwọn ló sì ń pẹ́ kí wọ́n tó tún lóyún. Ọwọ́ tó mọ iṣẹ́ pàápàá kò lè rí irun wẹ́wẹ́ inú kókó.

Iṣẹ́ tó kù di ti Màmá: kí wọ́n ki tẹmomítà bọ̀ ọ́ nídìí láàárọ̀ àti lálẹ́, kí wọ́n wò ó bóyá ó ń jẹun, kí ọmọ máa mu ọyàn, nítorí ọmú mímu ń mú ilé ọmọ sún kì. Mo sọ fún wọn pé yóò rùn gidigidi, pé òórùn nìkan kò tó ìdí láti pè mí. Ara tó bá gbóná ju 39.5 lọ, tàbí màlúù tí kò bá jẹun mọ́, ni kí wọ́n fi pè mí.

Ìyàwó ọmọ Màmá wà nínú oyún oṣù márùn-ún, òun ló sì ń gbálẹ̀ gáà. Mo ní kó má ṣe súnmọ́ ibẹ̀ rárá. Ibi ọmọ ẹran lè gbé àrùn burusẹlósíìsì tó ń ṣẹ́ oyún ẹran, ó sì ń ran ènìyàn. Nítorí pé màlúù yìí bí ṣáájú ọjọ́, mo gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò, mo sì ní kí wọ́n má mu wàrà rẹ̀ láìsè. Àyẹ̀wò náà fi hàn pé kò sí àrùn náà lára rẹ̀. Ìbejì tó mú un bí láìpé ọjọ́ ni mo gbà pé ó fa gbogbo rẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, 38.6, 38.8, 39.0. Lálẹ́ ọjọ́ kẹrin, Màmá pè: 40.1, ó sì fi koríko sílẹ̀. Nígbà tí mo dé, omi pupa rúsúrúsú ń jò, ó ṣàn bí omi, ó ń rùn. Darandaran wò mí bí ẹni pé, ṣé ẹ rí i báyìí? Ó tọ́ kó béèrè. Ibi tó há lè mú àìsàn wá bí a kò tilẹ̀ fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n ibà la fẹ́ wò báyìí, kì í ṣe ibi, abẹ́rẹ́ inú ẹran ara ni oògùn rẹ̀. Mo fún un ní pẹnisilíìnì lójoojúmọ́ fún ọjọ́ márùn-ún. Ọwọ́ kò wọlé. Ní ọjọ́ kẹfà, ara rẹ̀ ti padà sí 39.0, ó sì ti ń jẹun. Wọ́n da wàrà rẹ̀ nù ní gbogbo àkókò oògùn títí tí iye ọjọ́ tí wọ́n kọ sára ìgò fi pé.

Ìdájí ọjọ́ kẹsàn-án ni ibi náà bọ́ nílẹ̀ fúnra rẹ̀. Màmá fi igi tẹ́ ẹ kí n lè rí i. Ó ti rà, ó sì di àwọ̀ eérú, ṣùgbọ́n ẹ̀ka méjèèjì pé dé ìparí, kò sí ẹran ìyá lára kókó kankan. A gbẹ́ kòtò tó jìn dé àyà ọmọ-ọmọ Màmá, a sì bò ó mọ́lẹ̀. Ó máa ń dùn mí pé àwa tí a ń fi ọ̀wọ̀ sin ibi ọmọ tiwa, orí ààtàn la ń ju ti ẹran sí, tí ajá á gbé e káàkiri ìlú.

Mi ò ní sọ pé màlúù náà kò fara gbá nǹkan kan. Wàrà rẹ̀ kò pọ̀ tó ti ọdún tó ṣáájú, ó sì fi bí oṣù méjì pẹ́ ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ kó tó tún lóyún. Ṣùgbọ́n ó lóyún.

Ní gáà Màmá báyìí, èédú ni wọ́n fi ń kọ aago tí ẹran bá bí sára ògiri, àti aago tí ibi ọmọ bá bọ́. Nígbà tí mo dé ibẹ̀ gbẹ̀yìn, èyí tó wà nísàlẹ̀ jùlọ ni ti ewúrẹ́ dúdú kan tó bí ìbejì: ọmọ, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ibi, aago mẹ́jọ ààbọ̀.